Orúkọ àlẹ̀mọ́ nínú ìbáṣepọ̀ alámì

Orúkọ àlẹ̀mọ́ ni orúkọ tí àwùjọ ń pe ènìyàn nítorí ìwà tí wọ́n gbà pé ó ní, tó bá di pé orúkọ náà ni wọ́n fi ń túmọ̀ gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìbáṣepọ̀ alámì, ọ̀nà ìwádìí nínú ìmọ̀ àwùjọ tó gbà pé àárín ara wọn ni àwọn ènìyàn ti ń ṣẹ̀dá ìtumọ̀ nǹkan, nípa ọ̀rọ̀, ìwò ojú, aṣọ àti àmì mìíràn. Àwọn onímọ̀ yìí kì í yé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti ń sọ irú ẹni tí ọmọ jẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìpìlẹ̀

George Herbert Mead (1863–1931), olùkọ́ ní Yunifásítì Ṣìkágò, ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ó ní a kì í bí ìmọ̀ ara ẹni mọ́ ènìyàn. Ìgbà tí ọmọ bá ń fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀ ló tó mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Charles Horton Cooley ti fi irú èrò bẹ́ẹ̀ wé dígí ní 1902. Herbert Blumer, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Mead, ló fún ọ̀nà ìwádìí náà lórúkọ ní 1937. Lójú Blumer, ìtumọ̀ tí a fún nǹkan ló ń darí ohun tí a ń ṣe sí i. Inú ìbálò ni ìtumọ̀ náà ti ń wá. Ó sì lè yí padà bí a bá tún un rò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Ní 1963, Howard Becker mú ọ̀rọ̀ náà dé orí ìwàkuwà. Ó ní kò sí ìwà kan tó jẹ́ ìyapa, ìyẹn yíyà kúrò lójú ọ̀nà tí àwùjọ là sílẹ̀, fúnra rẹ̀, pé àwọn tó ṣe òfin, tí wọ́n sì mú un lo lórí ẹnì kan, ni wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ní Ṣàgámù

Ká mú ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ṣàgámù ṣe àpẹẹrẹ. Obì ni ìyá rẹ̀ ń tà. Bí obì bá ti oko dé lálẹ́, kùtùkùtù ni gbogbo ilé máa ń bó o, tí wọ́n á ṣà á, kí wọ́n tó dà á sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́. Nítorí èyí, ọmọ náà máa ń pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti lọ síbẹ̀ rí, wọ́n sì lé e nítorí ìjà. Kò sí ohun mìíràn nílẹ̀ ju pípẹ́ àti orúkọ ìdílé yìí lọ.

David Hargreaves, Stephen Hester àti Frank Mellor, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1975 pé ìpele mẹ́ta ni olùkọ́ ń gbà kí ó tó mọ ọmọ sí irú ẹni kan. Ìméfò ni àkọ́kọ́. Olùkọ́ kò tíì mọ ọmọ, ó ń fi ìrísí, ìgbọràn, ojú iṣẹ́ àti ohun tó ti gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díwọ̀n. Ọmọ Ṣàgámù yìí dé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, olùkọ́ sì bi í pé, “Àbúrò lágbájá ni ẹ́?” Ìpele kejì ni ìdánwò: olùkọ́ á máa wò bóyá ìméfò òun jóòótọ́. Ibi tí ewu wà nìyí, nítorí pé kì í ṣòro fún ojú tó ń wá ẹ̀rí láti rí i. Ọmọ méjì pẹ́ dé ní òwúrọ̀ kan náà. Wọ́n bi ọ̀kan léèrè ohun tó dá a dúró, wọ́n sì na àdá sí èkejì pé kó lọ gé koríko. Ìpele kẹta ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀. Níbí, oníjọ̀gbọ̀n ti di irú ẹni tó jẹ́. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbèrò nǹkan.

Àwọn Yorùbá mọ agbára irú orúkọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ṣùgbọ́n ẹni tí òwe yẹn ń bá wí jalè ní tòótọ́. Ọmọ yìí kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

Bí orúkọ ṣe ń di òótọ́

Edwin Lemert ya ìyapa méjì sọ́tọ̀ ní 1951. Èyí àkọ́kọ́ ni àṣìṣe tó lè ti ibikíbi wá, tí kò sì yí èrò ẹni náà nípa ara rẹ̀ padà. Èkejì ni ìwà tó hù láti inú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà bá a lò lẹ́yìn náà. Pípẹ́ nítorí obì jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ẹ̀kọ́ àárọ̀, inú koríko lọmọ náà sì máa ń wà lákòókò yẹn. Bó ti ń pàdánù ẹ̀kọ́ náà ni kò mọ ìdáhùn, bí kò sì ti mọ ìdáhùn ló fi lọ jókòó lẹ́yìn. Níbi koríko, ó bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń jìyà lóòrèkóòrè pàdé, àwọn tí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní táàmù kẹta, ó jà. Àwọn olùkọ́ ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, láìrí i pé ìyapa kejì ni ìjà náà, pé ọgbà tiwọn ni wọ́n ti gbìn ín.

Bí a ṣe lè mọ orúkọ tí kò tọ́

Ìwé aláriwo dára láti yẹ̀ wò, ìyẹn bébà tí ọ̀gá kíláàsì ń kọ orúkọ àwọn tó pariwo sí. Bí orúkọ ọmọ bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí rẹ́jísítà sọ pé kò wá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó tún yẹ kí a bi olùkọ́ tí kò mọ ẹ̀gbọ́n náà rí bí ọmọ ṣe rí. Bí ìròyìn àwọn olùkọ́ bá yàtọ̀ síra gan-an, tó sì jẹ́ ẹni tó ti gbọ́ ìtàn ìdílé ló ń rí wàhálà, ìtàn náà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí olùkọ́ kíláàsì bá bá ìyá sọ̀rọ̀, tó sì gbọ́ nípa obì, pípẹ́ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà, bí Blumer ti wí.

Ààlà tíọ́rì náà

Orúkọ kì í lẹ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn. Mary Fuller ṣàpèjúwe ní 1984 àwọn ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n kọ ojú ìwò tí wọ́n fi ń wò wọ́n, tí wọ́n sì tẹra mọ́ ìdánwò wọn. Ìwádìí Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson ti 1968 sọ pé ìrètí olùkọ́ lè gbé máàkì ọmọ ga, àmọ́ kíláàsì kìíní àti kejì ni ó ti hàn jù, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ṣàríwísí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n.

Àríwísí Alvin Gouldner, tó jáde ní 1968, ló wúwo jù. Ó ní irú ìwádìí yìí máa ń dá ẹ̀bi lé àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ tó ń bá ènìyàn lò lójúkojú, nígbà tí àwọn tó wà lókè kò ní fara kàn án. Ní Ṣàgámù, olùkọ́ ló na àdá sí ọmọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pinnu àkókò tí agogo ń lù, tàbí iye ọmọ tó kún inú kíláàsì rẹ̀ débi pé kò ráyè béèrè ìdí. Tíọ́rì náà kò sì ní ìdáhùn fún ìpẹ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba orúkọ oníjọ̀gbọ̀n kúrò lára ọmọ náà, obì tó dé lálẹ́ ṣì ń dúró de bíbó.