Fọ́ọ̀mù púrọ́sì tó máa ń tẹ̀ lé nótíìsì ìpàdé alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin ará wa n'Ífẹ̀, tí akọ̀wé kọpuretífù bá ti pín nótíìsì ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún, ọjọ́ àti aago lọ̀pọ̀ wa máa ń wò, a ó sì ká a sápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá rí fọ́ọ̀mù púrọ́sì níbẹ̀, òun lẹ máa fi yan ẹni tó máa bá yín dìbò tẹ́ ò bá ní lè wá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ báíló, ìyẹn ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, wò o, torí kì í ṣe gbogbo alájẹṣẹ́kù ló gba púrọ́sì, àwọn míì ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá nìkan ló ń dìbò.

Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Lágere, ìpàdé bọ́ sí Sátidé aago 10 àárọ̀, ó sì ní ìnáwó n'Íbàdàn. Báíló tiwọn gba púrọ́sì, ó ní fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ akọ̀wé ní wákàtí 48 ṣáájú, ìyẹn ni pé tó bá ti kọjá aago 10 àárọ̀ Tọ́sìdeè, ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Báíló náà ní ọmọ ẹgbẹ́ ni kó yàn, torí náà kò lè rán ọmọ ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ló kọ orúkọ ẹ̀ sí i, ó wá buwọ́ lù ú, ó kọ déètì.

Ibi tó ṣe kókó jù ni àjẹńdà. Ìyá yìí ka gbogbo ẹ̀: mínìtì ọdún tó kọjá, àkáǹtì tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, èrè tí wọ́n fẹ́ pín, ìbò ìgbìmọ̀, àti àtúnṣe báíló kí wọ́n lè máa yá èèyàn ní ìlọ́po 3 owó tó fi pamọ́ dípò ìlọ́po 2. Ó máàkì “mo gbà” síwájú àkáǹtì, “mi ò gbà” síwájú ọ̀rọ̀ owó yíyá, torí ẹ̀rù ń bà á pé owó ò ní sí nílẹ̀ tí òun náà bá fẹ́ yá. Bó ṣe máàkì ẹ̀ yẹn ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ dì í. Ibi tó bá fi sílẹ̀ láìmáàkì, ohun tó wu ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa ṣe. Èyí tó tún burú ni kéèyàn buwọ́ lùwé láìkọ orúkọ aṣojú kankan, torí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ní alága ìpàdé ló máa di aṣojú ẹ, bẹ́ẹ̀ alága yẹn lè máa du ipò lọ́jọ́ náà!

Ìbò kan ṣoṣo ni ìyá yìí ní, bí ṣíà ẹ̀ tiẹ̀ ju ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ ní ìlọ́po 10. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wá ní ìbò 2, tiẹ̀ àti ti ìyá, ìdí nìyẹn tí kíkà ọwọ́ sókè fi máa ń dá ìjà sílẹ̀, ó dáa kí wọ́n fún un ní káàdì 2. Tẹ́nì kan bá sì dédé mú àtúnṣe báíló míì wá lábẹ́ “ọ̀rọ̀ míràn” níparí ìpàdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìbò lé e lórí, torí kò sí nínú nótíìsì, àwọn tí ò wá ò sì ráàyè sọ tiwọn.