Ìgbẹ́ bí omi ìrẹsì: ṣé ká fún un lómi àbí ká má fún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ní nǹkan bí aago 4 ìdájí òní. Omi lásán ni, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó ti yà tó ìgbà 7, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun la wà níbí l'Óṣogbo, ilé méjì ládùúgbò wa ló ti ní irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá wa ní ká má fún un lómi mọ́, pé bó ṣe ń mu ún ló ń tú u dànù. Kí la lè ṣe nílé, ìgbà wo ló sì yẹ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ báyìí, kó sì máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà láti orí ẹní tó wà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán. Ìgbẹ́ tó rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, tó dé lójijì, tí àwọn aládùúgbò náà sì ń ya irú rẹ̀, onígbáméjì la gbọ́dọ̀ kà á sí títí àyẹ̀wò á fi sọ nǹkan mìíràn. Tó bá le, àgbàlagbà lè ya tó líta 1 láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń rìn káàkiri láàárọ̀ fi lè má lè dìde lọ́sàn-án.

Mo mọ ohun tí màmá ń rí, ojú wọn ló sì fi hàn wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde yẹn kì í ṣe èyí tí àbúrò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ ló ti ń wá. Kòkòrò onígbáméjì kì í dá ọgbẹ́ sí ìfun. Oró rẹ̀ ló ń mú kí ìfun máa tú omi àti iyọ̀ ara jáde láìdúró. Bí ẹ bá dá omi dúró, ìgbẹ́ náà kò ní dúró, ara rẹ̀ ló máa gbẹ.

Ibi tó ṣeé gbà là rèé: ọ̀nà kan wà nínú ìfun tí oró yẹn kì í lè dí. Ọ̀nà yẹn máa ń gba iyọ̀ àti ṣúgà wọlé pọ̀, bí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ṣúgà nìkan kò tó, iyọ̀ nìkan kò tó, omi lásán náà kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ìgbẹ́ á ṣì máa wá o, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ohun tá à ń wá ni pé kí èyí tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ.

Bí kẹ́mísì bá wà nítòsí, ẹ ra Ó-Á-Ẹ́sì, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá fún pípò, kí ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti omi líta 1, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 sẹ̀ǹtílítà. Ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Obìnrin aránṣọ kan wà tí wọ́n gbé wá bá wa nígbà kan. Ọkọ rẹ̀ ti fún un ní Ó-Á-Ẹ́sì láti òru, ṣùgbọ́n ọ̀rá líta 1 ló ń pò sínú píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan. Ó ki jù, òùngbẹ ń gbẹ obìnrin náà sí i, ó sì ń bì í. Ìgbà tá a pò ó síwọ̀n ni inú rẹ̀ tó gbà á.

Bí kò bá sí Ó-Á-Ẹ́sì, ẹ pò ó fúnra yín: omi mímọ́ líta 1, ṣúgà ṣíbí ìpotíì 6, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ, má jẹ́ kó ga. Ẹ tọ́ ọ wò: bó bá ti níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò. Omi kàǹga gbọ́dọ̀ hó kó tó tutù fún pípò, pàápàá lásìkò òjò tí ṣaláńgá ń kún. Èyí tẹ́ ẹ bá pò lónìí, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Máàtì àti mínírà kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ṣúgà inú wọn pọ̀ débi pé wọ́n tún ń fa omi sínú ìfun.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń gbẹ, tó ṣì lè mu, mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú ìwúwo rẹ̀ láàárín wákàtí 4 ni a ń fún un. Bí àbúrò yín bá wọn kílò 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó líta 4, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 7 àbọ̀. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ìwọ̀nba ife kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní bá a dọ́gba ní wákàtí àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Bó bá bì, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dí ìgbẹ́. Fílájì náà kì í pa kòkòrò yìí. Oògùn apakòkòrò tó bá a mu wà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni yóò pinnu ẹni tó nílò rẹ̀, kò sì lè dípò omi.

Bó bá ti ń tòògbé, tí kò lè mu mọ́, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí awọ ikùn tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì fà kò tètè padà, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, dírípù ló kù. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò jù, torí ìgbẹ́ lè dín kù nígbà tí omi ti tán lára.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun, wọ́n ti ń fa omi sí i lára ní Asúbíarọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ oṣù 14 ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yà. Ṣé bákan náà ni?

Ìdáhùn: Omi kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mílílítà 50 sí 100, ṣíbí kan láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ má fi ife rọ ọ́. Kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú bó bá ṣe ń fẹ́, kò sí ìdí láti dá a dúró. Síǹkì mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 yẹ fún un, wọ́n á fún yín níbẹ̀. Ẹ gbé òun náà lọ lónìí, torí ara ọmọ kékeré tètè ń gbẹ. Kí ẹni tó bá kó ìgbẹ́ rẹ̀ fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó po omi mìíràn. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un iye ìgbà tó ti yà, iye ṣíbí tó ti mu, àti aago tó tọ̀ kẹ́yìn.