Séíkò 5 Láti Inú Fọ́tò: Ohun Tí Ojú Aago àti Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ń Sọ

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn aago àtijọ́ a máa jáde láti inú àpótí. Ojúde Ọba a máa wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó bá sì ti ṣe agbádá tó gbóná láti bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jáde kò ní fẹ́ kí ọrùn ọwọ́ òun ṣófo. Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń fi fọ́tò aago ránṣẹ́ sí mi jù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi: aago wo nìyí, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é, ṣé bátìrì ló ń lò àbí ó ń wáìn ara rẹ̀?

Séíkò ló pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá èyí tí nọ́ńbà 5 wà lójú rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà, ti orílẹ̀-èdè Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú aago yìí ní ọdún 1963, ó sì ṣòro kí ìdílé tí bàbá wọn ṣòwò tàbí ṣe iṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn má ní ọ̀kan. Òun náà ló sì rọrùn jù láti kà, nítorí pé Séíkò kọ ọ̀rọ̀ nípa aago sára aago fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí a mọ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Arábìnrin kan ní Ṣágámù fi fọ́tò aago bàbá wọn tó ti dolóògbé ránṣẹ́. Ó kọ̀wé pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ọkùnrin sọ pé ọdún 1970 ni Bàbá ra aago yìí. Ẹnì kan ti fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa. Ẹ bá wa wò ó kí a tó fọhùn.” Fọ́tò ojú aago méjì ni, àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ kan.

Ojú aago ni mo kọ́kọ́ wò. Orúkọ SEIKO wà lókè, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni, kì í ṣe ọ̀dà. Nọ́ńbà 5 wà lábẹ́ rẹ̀, AUTOMATIC sì wà ní ìsàlẹ̀. Níbi aago mẹ́ta, fèrèsé kan wà tó ń fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù hàn. Orí kékeré tí a fi ń yí aago kò sí níbi aago mẹ́ta tí ó máa ń wà lára aago yòókù. Níbi aago mẹ́rin ló wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú ara aago. Àmì Séíkò 5 nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago tó ń wáìn ara rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń jù kò nílò kí èèyàn máa fa orí rẹ̀ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e pamọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú aago nìkan kò tó láti gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Nínú fọ́tò, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ni mo máa ń wò. Aago bátìrì, èyí tí wọ́n ń kọ QUARTZ sójú rẹ̀, máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò sì dúró sórí ilà. Bí ẹ bá ya á lẹ́ẹ̀mẹta, orí ilà tàbí ibi kan náà sí ilà ni ẹ óò máa bá ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọtọmátíìkì irú èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló máa ń gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àárín ilà méjì ni fọ́tò ti sábà máa ń ká a mọ́. Nínú fọ́tò méjèèjì tí arábìnrin yìí yà, àárín ilà ni ọwọ́ náà wà, ibi tó sì dúró sí nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Aago náà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe bátìrì. Fọ́tò kan ṣoṣo kì bá tó mi fún ìdájọ́ yẹn, torí pé ọwọ́ aago bátìrì olówó pọ́ọ́kú lè wọ́ kúrò lórí ilà díẹ̀.

Ohun kan tún wà lójú aago yìí tí mo fẹ́ràn: lédè Lárúbáwá ni orúkọ ọjọ́ tó wà nínú fèrèsé náà. Àgbá tí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ sí nínú Séíkò 5 máa ń ní èdè méjì, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn, oníaago yóò sì yí i sí èyí tó bá wù ú. Èdè kejì yìí máa ń tọ́ka sí ọjà tí wọ́n ṣe aago náà fún. Mo bi í pé, “Ṣé Alhaji ni Bàbá?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lọ sí Mẹ́kà nígbà ìjọba Ṣàgàrí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ra aago náà. Èyí kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, torí oníṣẹ́ aago lè fi àgbá aago mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1970 tí àbúrò rẹ̀ ń pariwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó ku ẹ̀yìn aago, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò àkọ́kọ́ kò ṣe é kà. Tààrà ló ya á, iná fóònù sì tàn padà láti ara irin náà. Mo ní kó pa iná fóònù, kó gbé aago súnmọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, kó sì fi pọ́dà díẹ̀ ra ẹ̀yìn aago náà kó tó nù ún kúrò. Pọ́dà yóò kù sínú ibi tí wọ́n gbẹ́, nọ́ńbà yóò sì funfun yọ. Bí òógùn ọwọ́ àti aṣọ bá ti jẹ irin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, 6, 8 àti 0 a máa jọra, àṣìkà ẹyọ kan sì lè gbé aago kúrò ní ọdún kan sí òmíràn.

Ohun tó jáde ni 7009-876A, pẹ̀lú 2N0413 ní ibòmíràn lára irin kan náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ṣáájú, 7009, ni nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà nínú aago. Èyí tó tẹ̀ lé e, 876A, jẹ́ ti ara aago: bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ àti irú ìrísí rẹ̀. 7009 jẹ́ ọtọmátíìkì tó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù, ó sì bá ohun tí a rí lójú aago mu. Ẹ ṣọ́ra níbí o, ẹ má fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ṣe ìdájọ́: 7546 náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, bátìrì ló sì ń lò. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ wò.

Nọ́ńbà kejì ló ń sọ ìgbà. Nínú 2N0413, 2 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún tí wọ́n ṣe aago náà. N dúró fún oṣù: 1 dé 9 ni Oṣù Kínní dé Oṣù Kẹsàn-án, O tàbí 0 ni Oṣù Kẹwàá, N ni Oṣù Kọkànlá, D sì ni Oṣù Kejìlá. Mẹ́rin tó kù jẹ́ iye tí wọ́n fi ń ka aago tó jáde lóṣù yẹn. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣe aago Bàbá, nínú ọdún tó parí sí 2. Ọdún 2 wo? Séíkò kò kọ ẹ̀wádún sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń mú ọdún tó bá wù wọ́n.

Ẹ̀rọ ni yóò ràn wá lọ́wọ́. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni 7009 jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí wọ àwọn ọdún 1990. 1972 ti bọ́ síta nìyẹn, 1970 àbúrò náà sì ti bá a lọ. Kò sí 7009 kankan láyé nígbà náà. Ó ku 1982 àti 1992, aago fúnra rẹ̀ kò sì lè bá wa yàn láàárín méjèèjì. Mo ní kó lọ wo álíbọ́ọ̀mù Bàbá. Ní ọjọ́ kejì ó fi fọ́tò Ojúde Ọba kan ránṣẹ́: Bàbá dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, apá agbádá wà léjìká, aago wà lọ́wọ́ òsì, orí rẹ̀ níbi aago mẹ́rin. Wọ́n fi bírò kọ 1985 sẹ́yìn fọ́tò náà. Bí ó bá jẹ́ aago yìí náà ló wà níbẹ̀, Oṣù Kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n ṣe é, ìyẹn sì bá Mẹ́kà ìgbà Ṣàgàrí mu. Mo fi ìrísí ara aago inú fọ́tò náà wé ti ọwọ́ wa kí n tó fọkàn sí i, torí pé Séíkò 5 pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn nígbà náà.

Ohun tí mo tún yẹ̀ wò ni bóyá wọ́n ti tún ojú aago náà kùn, nítorí púpọ̀ nínú Séíkò àtijọ́ tó wà lọ́jà báyìí ni wọ́n ti kùn ní India, àwọ̀ wọn a máa tàn yanran bíi ti aṣọ tuntun. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ ojú aago, níbi aago mẹ́fà, lábẹ́ gíláàsì. Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JAPAN, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ máa ń bá ti ẹ̀yìn aago mu. Àwọn tó ń kun ojú aago kì í sábà lè kọ ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀: yálà kí wọ́n pa á rẹ́, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ nípọn. Ilà ìṣẹ́jú tí kò dọ́gba pẹ̀lú irin tó dúró fún wákàtí náà jẹ́ àmì. Bí ara aago bá ti ha, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, àmọ́ tí ojú rẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ bèèrè ìdí. Aago Bàbá ní ojú tó ti ṣá díẹ̀, JAPAN 7009 sì hàn kedere nígbà tó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Àwọn kan tún máa ń ta Séíkò 5 tó ní gíláàsì lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ ń hàn, gẹ́gẹ́ bí aago àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀rọ 7S26 ló wà nínú rẹ̀, ọdún 1996 sì ni ẹ̀rọ yẹn tó jáde.

Fọ́tò kò lè sọ bóyá wọ́n ti yọ ẹ̀rọ inú aago tí wọ́n sì fi òmíràn sí i. Bí orúkọ ọjọ́ kò bá dúró sí àárín fèrèsé, tàbí tí orí aago bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìfura ti dé. Mo sọ fún arábìnrin náà pé kí òun àti àbúrò rẹ̀ gbé aago lọ bá oníṣẹ́ aago tó ní irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀yìn, kí ó ṣí i lójú wọn. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 7009 ni wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn aago padà, kí wọ́n sì fi han ẹni tó fẹ́ rà á kó tó dá iye kan.