Ìdí tí omi ẹ̀rọ kò fi gbọdọ̀ kan lẹ́ńsì ojú

Lẹ́ńsì rírọ̀, yálà ti ìríran tàbí aláwọ̀ tí àwọn ìyàwó ń fi sójú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, máa ń fa omi mu. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi kó ìdá 38 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ńsì náà. Iyọ̀ díẹ̀ wà nínú omi yìí, ó sì bá iyọ̀ inú omijé dọ́gba. Bí a bá rẹ lẹ́ńsì sínú omi tí kò níyọ̀, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, á fa omi náà mu, á wú, á sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá padà dé ojú, á lẹ̀ mọ́ ẹyinjú pinpin, á máa họ kọ́níà, ìyẹn awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú. Ibi tó họ náà kéré débi pé ẹni tó ni ojú lè má mọ̀ rárá.

Ohun tó lè gba ibẹ̀ wọlé ló yẹ ká bẹ̀rù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ akantamíbà, tí ojú lásán kò lè rí. Inú omi, inú ilẹ̀ àti inú eruku ló ń gbé. Ní Àbújá, àwọn tí ẹ̀rọ ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn ń mu omi tí wọ́n ti fi kílórìnì tọ́jú, àwọn tó kù ń lo omi kànga ẹ̀rọ tàbí èyí tí máí rúwà ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri. Ibi yòówù kí omi ti wá, inú táńkì ni púpọ̀ rẹ̀ máa ń dúró sí. Ẹ fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ táńkì tí a kò fọ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Bakitéríà ló di bẹ́ẹ̀, òun gan-an sì ni oúnjẹ akantamíbà. Bí oúnjẹ bá tán tàbí kílórìnì bá dé, kòkòrò náà á ká ara rẹ̀ sínú èèpo onípele méjì, á sì dákẹ́ síbẹ̀ títí nǹkan á fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó lè lo ọdún mélòó kan nínú èèpo yìí.

Ẹni tó mu omi náà kò ní í ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé omi tó ṣeé mu, ó ṣeé fọ lẹ́ńsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Piọ́ wọ́tà inú ọ̀rá náà kò yọ: wọ́n sẹ́ ẹ fún mímu ni, wọn kò pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀.

Kọ́níà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé ibẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni omijé àti ìpéǹpéjú tó ń ṣẹ́ wàìwàì láti gbá ìdọ̀tí lọ. Lẹ́ńsì wá gbé kòkòrò náà lé kọ́níà lórí, ó sì dì í mú níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Akantamíbà á lẹ̀ mọ́ ibi tó họ, á máa tú oje tó ń jẹ awọ náà, á sì tọ iṣan ìmọ̀lára lọ sínú. Ìdí nìyí tí ìrora àrùn yìí fi máa ń ju ohun tí dókítà ń rí lójú lọ.

Omi lẹ́ńsì inú ìgò ní iyọ̀ tó bá omijé mu, ó ní èròjà bí ọṣẹ tó ń tú ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò, ó sì ní oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kò pọ̀ rárá. Nínú àwọn kan, kò ju ìdá 0.0001 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí pé èyí tó bá ṣẹ́ kù sára lẹ́ńsì yóò wọ ojú. Nítorí pé kò lágbára púpọ̀, wákàtí ló fi ń ṣiṣẹ́: mẹ́rin tàbí mẹ́fà, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Fífi ìka ra lẹ́ńsì nínú àtẹ́lẹwọ́ kó tó wọlé sùn sì pọn dandan, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ìgò pé kò pọn dandan. Ẹni tó ń da omi tuntun kún ti àná ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí agbára ti àná ti tán.

Agbára oògùn yìí ká bakitéríà dáadáa. Akantamíbà inú èèpo ni kì í ká. Ní 2007, wọ́n kó irú omi lẹ́ńsì kan kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí àwọn tó ń lò ó tí kòkòrò yìí mú. Ẹni tó bá fi omi táńkì ṣan lẹ́ńsì, tó wá rò pé omi inú ìgò á tún un ṣe lálẹ́, ń gbé ẹrù tó ju agbára oògùn náà lọ lé e lórí. Omi iyọ̀ lásán tilẹ̀ burú jù: kì í pa nǹkan kan. Láàárín 1980 sí 1989, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń fi èròjà iyọ̀ po omi lẹ́ńsì tiwọn nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó àrùn yìí.

Ká mú obìnrin kan ní Kubwa tó lọ òde lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó délé lóru, ó rí i pé omi lẹ́ńsì ti tán, ló bá gbọn omi ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ sínú ike lẹ́ńsì. Ọjọ́ Àìkú, ó fi lẹ́ńsì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan kò ṣe é. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, ojú ọ̀tún pọ́n, kò sì lè wo iná. Ará ilé ní àpólò ni. Kẹ́míìsì tà kilorafẹ́níkọ̀ fún un, èyí tí kò lè ṣe akantamíbà ní ohunkóhun. Nígbà tí kò lọ, wọ́n fún un ní oògùn ìkánsójú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Ojú kò pọ́n mọ́, ó sì rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ sítẹ́rọ́ọ̀dù ti ká àwọn sójà ara lọ́wọ́ kò, kòkòrò wá ráyè.

Àpólò sábà máa ń ran ojú méjèèjì, a máa yún, ipin á sì pọ̀. Ti akantamíbà máa ń jẹ́ ojú kan lọ́pọ̀ ìgbà, ipin kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹni tó ń lo lẹ́ńsì tó bá rí irú èyí, kó yọ ọ́, kó sì lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú lẹ́ńsì àti ike rẹ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá ha lójú rẹ̀. Kó sọ ọ́ fún wọn pé omi kan lẹ́ńsì, torí dókítà pàápàá lè ṣì í mú fún àrùn ojú mìíràn. Àwọn oògùn tó ń pa á, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kán an lákọ̀ọ́kọ́, tọ̀sán tòru, ìtọ́jú náà sì ń gba oṣù. Tó bá pẹ́ jù, àpá funfun á bo kọ́níà, ó sì lè di dandan láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti oògùn ìkánsójú tí ara bá le, ó níye tó ṣeé kán sórí lẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bẹnsalikóníọ́mù, èyí tí kì í jẹ́ kí oògùn inú ìgò bàjẹ́. Lẹ́ńsì rírọ̀ á fa á mu, á wá máa tú u sójú díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ kán oògùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dá a padà. Nígbà ọyẹ́ tí ojú ń gbẹ, omi ìtutù tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó wà fún lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń kán kí ojú má pọ́n kò yẹ fún un, ó kàn ń fi àmì àrùn pamọ́ ni.

Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá, ẹ fi lẹ́ńsì sójú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, kẹ́ ẹ sì nu ọwọ́ gbẹ. Bí ẹ bá máa tún ṣe é nígbà tí lẹ́ńsì ti wà lójú, ẹ di ojú pinpin. Bí omi bá bà á, ẹ yọ ọ́: onílò ojúmọ́ kan, ẹ jù ú nù, èyí tó ń pẹ́, ẹ ra á dáadáa, kẹ́ ẹ sì rẹ ẹ́ fún gbogbo wákàtí tí ìgò bá sọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ lẹ́ńsì kúrò nínú ike láàárọ̀, ẹ da omi inú ike nù, ẹ fi omi lẹ́ńsì ṣan án, kẹ́ ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí bébà ìnudí tó mọ́ títí á fi gbẹ. Ẹ ra ike tuntun ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.