Ọ́ọ̀dì 4/1 kì í ṣe ẹyọ kan nínú mẹ́rin

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ta tẹ́tẹ́ ló máa ń rí 4/1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin kan, tí wọ́n á sì sọ pé ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni: bí ẹṣin náà bá sáré lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́, ó sì dá a lójú pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan nínú márùn-ún ni 4/1 ń sọ, ìyẹn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 25.

Ohun tó ń ṣi wọ́n lọ́nà ni pé ó jọ ìdá tí a kọ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ilà tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ń ya owó méjì sọ́tọ̀. Ti ọwọ́ òsì ni èrè tí wàá jẹ, ti ọwọ́ ọ̀tún ni owó tí o fi ta á. Ẹ jẹ́ ká wò ó bíi tẹ́tẹ́ láàárín ẹni méjì: mo gbé 1 kalẹ̀, ìwọ gbé 4 kalẹ̀, 5 ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá jẹ ló máa kó gbogbo rẹ̀. Ká ní a ta á lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí mo sì jẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo pàdánù 1 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì jèrè 4 lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó jèrè nínú àwa méjèèjì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin lóòótọ́, màá pàdánù 3, màá jèrè 4, ìwọ lo máa máa fi owó ta mí lọ́rẹ. Kò sí ilé tẹ́tẹ́ tó máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé irú ọ́ọ̀dì bẹ́ẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, kí o wá fi àròpọ̀ náà pín ti ọwọ́ ọ̀tún. 6/4: àròpọ̀ wọn jẹ́ 10, 4 nínú 10 sì jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. 1/2: àròpọ̀ wọn jẹ́ 3, 2 nínú 3 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 67%. 1/2 yìí gan-an ló ń tú àṣìṣe náà fó. Bí 4/1 bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin, a jẹ́ pé 1/2 á di méjì nínú ẹyọ kan, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Ọ́ọ̀dì oní-pọ́íntì, irú èyí tí wọ́n ń kọ bíi 5.00, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti ka owó tí o fi ta á mọ́ ohun tí wàá gbà padà. Fi ọ́ọ̀dì náà pín 100, ó parí: 5.00 jẹ́ 20%, 2.50 jẹ́ 40%. Láti sọ oní-ìdá bíi 4/1 di oní-pọ́íntì, fi ti ọwọ́ ọ̀tún pín ti òsì, kí o sì fi 1 kún un. 1 yẹn ni àwọn èèyàn ń gbàgbé, tí wọ́n fi ń rò pé ọ̀kan náà ni 4/1 àti 4.00. Bí o bá fi 10 ta 4/1 tó sì wọlé, 50 lo máa gbà. 4.00 á fún ẹ ní 40. 3/1 ni 4.00 ń jẹ́, òun ló ni 25% yẹn.

Ó tún ku ibì kan tó yẹ ká ṣọ́ra. Ohun tí ọ́ọ̀dì sọ kọ́ ni ohun tí ilé tẹ́tẹ́ gbà gbọ́ gan-an. Ká mú eré bọ́ọ̀lù kan: onílé 2.10, ọ̀mì 3.40, àlejò 3.60. Bí a bá ṣírò wọn, a ó rí 47.6%, 29.4% àti 27.8%. Ro wọn pọ̀, 104.8 ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè ṣẹlẹ̀, 100 ló sì yẹ kó jẹ́. 4.8 tó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun. Láti yọ ọ́ kúrò, fi 104.8 pín ìkọ̀ọ̀kan, kí o sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: onílé á bọ́ sí 45.4, ọ̀mì 28.1, àlejò 26.5.

Ìyọkúrò yìí gbà pé ilé tẹ́tẹ́ pín èlé rẹ̀ dọ́gba sórí gbogbo wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò jọ pé ó lè borí ni wọ́n máa ń dì í lé lórí jù. Bí ọ́ọ̀dì bá ti ga gan-an, bíi 34.00, a lè yọ èlé náà tán báyìí, kí nọ́ńbà tó ṣẹ́ kù sì tún ga ju òótọ́ lọ síbẹ̀.