Káàdì Méjì, Orúkọ Kan Náà: Bí Fídíò Ìgbéyàwó Ṣe Ń Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí àwọn ayàwòrán méjì bá gbé kámẹ́rà Sony méjì lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Abẹ́òkúta, kílíìpù àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà kìíní yóò kọ sórí káàdì òfìfo lè jẹ́ C0001.MP4. Ti kámẹ́rà kejì náà lè jẹ́ C0001.MP4, nítorí kámẹ́rà kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Nígbà tó bá di alẹ́, ẹni tó ń kó fídíò sínú kọ̀ǹpútà kó ti káàdì àkọ́kọ́ sí fódà kan, ó sì tún kó ti káàdì kejì sínú fódà yẹn kan náà. Windows bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí òun ṣe sí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bára mu. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó tẹ "Replace the files in the destination". Gbogbo ibi tí orúkọ méjèèjì ti pàdé, fídíò kámẹ́rà kìíní ti parẹ́. Bí wọ́n bá wá fọ́ọ̀mátì káàdì náà lọ́jọ́ kejì nítorí òde mìíràn, tí wọ́n sì ya nǹkan tuntun sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nínú iṣẹ́ fídíò, irú àṣìṣe yìí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ètò fódà fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí káàdì kankan tó wọnú kọ̀ǹpútà. Bí a ṣe lè tò ó fún ìgbéyàwó ìdílé Adébáyọ̀ kan, tó wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025, rèé:

```
2025-04-12_IGBEYAWO_ADEBAYO
  01_FIDIO
    KAM-A_KAADI-01
    KAM-A_KAADI-02
    KAM-B_KAADI-01
  02_OHUN
  03_ISE
  04_JADE
```

Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ wá gbẹ̀yìn, nítorí pé báyìí nìkan ni kọ̀ǹpútà fi lè to àwọn òde yín bí wọ́n ṣe wáyé tẹ̀léra. Bí ọjọ́ bá ṣáájú, òde ọjọ́ 12 gbogbo oṣù á kóra jọ síbì kan. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, kò sí káàdì méjì tó ń pín fódà. Ẹ kọ KAM-A_KAADI-01 sórí bébà tó ń lẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpò káàdì náà, kí orúkọ ara àpò àti orúkọ inú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ ó rí i pé kò sí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lórí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ó dun èmi náà láti kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì, ó nídìí. Kọ̀ǹpútà ní ju ọ̀nà kan lọ láti fi lẹ́tà bíi ẹ́ pamọ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Mac, tí ẹ wá gbé e lọ sórí Windows, ètò tí ẹ fi ń gé fídíò lè wá fódà náà tì nígbà tó wà níwájú yín gbangba. A, B, dé Z, nọ́ńbà, àmì - àti _ ti tó. Àmì ohùn kíkún lè wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fi sínú fódà náà.

Tí ẹ bá ṣí káàdì Sony, ẹ ó rí fódà PRIVATE, M4ROOT wà nínú rẹ̀, CLIP sì wà nínú M4ROOT. Àwọn fídíò wà nínú CLIP pẹ̀lú fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí XML. Ẹ má ṣe ṣa fídíò nìkan jáde. Ẹ gbé gbogbo ohun tó wà lórí káàdì bó ṣe wà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lọ sínú fódà KAM-A_KAADI-01. Fáìlì XML yẹn ló gbé àlàyé nípa kílíìpù náà dání, bí ọjọ́ tí a yà á àti iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá sì ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fo ọ̀kan lọ́jọ́ kan.

Ṣé ó yẹ kí a tún orúkọ C0001.MP4 kọ? Bí ó bá ti wọnú kọ̀ǹpútà, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀, kí fódà sọ ibi tó ti wá. Ibi tó dára jù láti yí orúkọ padà ni inú kámẹ́rà, kí a tó lọ síbi òde. Lórí Sony bíi α7 IV, ẹ wá File Settings nínú mẹ́nù, kí ẹ lo File Name Format àti Title Name Settings láti fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, KAM-A àti KAM-B kò ní bí ìbejì olórúkọ kan náà mọ́. Ohun tó burú jù ni kí ẹ yí orúkọ fáìlì tàbí fódà padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ gígé ti bẹ̀rẹ̀. Premiere Pro yóò kọ "Media Offline" sí ojú iṣẹ́ yín, nítorí ọ̀nà tó ń gbà dé ibi fídíò náà ti já. Fídíò kò sọnù, ẹ lè tún so ó, àmọ́ bí kílíìpù bá tó 300, àkókò tó pọ̀ lẹ lè fi ṣòfò.

Ó wá kan ìgbà tí a lè fọ́ọ̀mátì káàdì. Ẹ má fọ́ọ̀mátì rẹ̀ títí fídíò orí rẹ̀ yóò fi wà lórí dísìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a sì ti yẹ méjèèjì wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo iye gígábáìtì nìkan: tí káàdì bá jẹ́ 58, tí fódà náà sì jẹ́ 58, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Windows bá ń kó fáìlì ńlá, ó lè kọ́kọ́ gba àyè tó tó gbogbo fáìlì náà sílẹ̀ kí ó tó máa kó ohun inú rẹ̀ bọ̀. Tí iná bá lọ tàbí tí wáyà dísìkì bá yọ láàárín, fáìlì lè wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó pé, kí ìdajì rẹ̀ sì ṣófo. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè ṣí, kó máa lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá gan síbi tí wọ́n ti ń so yìgì.

Ẹ lo FreeFileSync, ètò tó ń fi fódà méjì wéra. Ẹ fi káàdì sí apá òsì, fódà KAM-A_KAADI-01 sí apá ọ̀tún. Nínú ètò ìfiwéra, ẹ yan "File content", ẹ sì tẹ Compare. Yóò ka ohun tó wà nínú fáìlì méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì fi èyí tó bá yàtọ̀ hàn yín. Ìfiwéra nìkan lẹ fẹ́, ẹ má tẹ Synchronize. Tí ó bá jẹ́ pé kílíìpù kan ṣoṣo ló ń kọ yín lóminú, ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows nínú fódà tí kílíìpù náà wà, àṣẹ yìí á sì fún yín ní nọ́ńbà gígùn kan tí lẹ́tà wà láàárín rẹ̀:

```
certutil -hashfile C0001.MP4 SHA256
```

Ẹ ṣe é fún ti orí káàdì, kí ẹ ṣe é fún ti orí dísìkì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu látòkè délẹ̀, ẹ̀dà náà pé. Lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀, ẹ tún un kó.

Ìyẹ̀wò yìí máa ń gba àkókò tó sún mọ́ ti ìkójọ náà. Káàdì tó gbé gígábáìtì 60, lórí ẹ̀rọ ìkàwé-káàdì tó ń ka mẹgabáìtì 80 ní ìṣẹ́jú áàyá, á gba bíi ìṣẹ́jú 13 láti kó, á sì tún gba bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ wò. Ní ibi tí iná ti ń ṣe ségesège, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS. Dísìkì tí ẹ bá ra tó jẹ́ exFAT kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, nítorí náà iná tó lọ lójijì lè ba ètò inú rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ Windows nìkan lẹ ń lò, NTFS máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìgbéyàwó Adébáyọ̀. Fídíò 4K tó ń kọ mẹgabíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá ń jẹ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. KAM-A ya wákàtí mẹ́ta, KAM-B ya méjì: gígábáìtì 225 ni. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà lórí dísìkì tí ẹ fi ń gé iṣẹ́. Ìkejì wà lórí dísìkì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó dákẹ́ sínú dúrọ́à lọ. Ìkẹta gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn, nítorí olè tó bá kó kọ̀ǹpútà yóò kó dúrọ́à pẹ̀lú rẹ̀, omi tàbí iná kò sì ní yan ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ̀dà kẹta wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé mẹgabíìtì 10 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá láìdúró, gígábáìtì 225 á gba wákàtí 50, dátà tó máa jẹ níbẹ̀ kò sì kéré. Dísìkì kẹta tí ẹ gbé lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín ní Ṣàgámù dín owó kù, ó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún mọ̀ pé fódà tó ń bá Google Drive tàbí Dropbox rìn ní ìbámu kò tíì di ẹ̀dà ìpamọ́: bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, á pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ sì ní láti fà á padà.

Ohun tó yẹ kó gun íńtánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ni fáìlì iṣẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tó wà ní 03_ISE. Ó kéré, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi í mú: fáìlì .prproj ti Premiere Pro kò gbé fídíò kankan dání, ìlànà bí a ṣe gé e ló wà níbẹ̀. Ẹni tó kó èyí nìkan sórí fláàṣì kò tíì kó iṣẹ́ rẹ̀. DaVinci Resolve ní tirẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú àkójọ ara rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé ẹ kò ní rí i nínú fódà yín rárá. Ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí File, kí ẹ tẹ Export Project, kí ẹ sì fi fáìlì .drp tó bá jáde sínú 03_ISE, pẹ̀lú ọjọ́ lára orúkọ rẹ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ pé ẹ fọ́ọ̀mátì káàdì tí kò tíì ní ẹ̀dà, ẹ má ya ohunkóhun sórí rẹ̀ mọ́, àní ìdánwò ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ọ̀mátì lásán ń nu àtòkọ orúkọ kúrò, fídíò ṣì wà níbẹ̀ títí ohun tuntun yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ti bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ káàdì sí "Lock", kí ẹ lo PhotoRec, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ohun tí ó bá rí sì máa lọ sórí dísìkì mìíràn. Orúkọ àtijọ́ kò ní padà wá, àwọn kílíìpù gígùn sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n má ṣí, pàápàá bí ẹ bá ti ń pa kílíìpù rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ ń ya òde náà.