Ínfọ́ìsì 4,000, ọ́dítọ̀ mú 59: báwo ló ṣe fẹ́ mọ òótọ́ níbẹ̀?

Kọ̀ǹpútà ti ka gbogbo ínfọ́ìsì wa, ó ti tò wọ́n sórí Excel. Kí ni ọ́dítọ̀ tún ń wá nínú àwòrán tí a ya látara ínfọ́ìsì?

Ẹ̀rí ló ń wá pé iye tó wà lórí Excel ni olùtajà kọ sórí ìwé. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ lè yọ fáàtì, ìyẹn VAT, tó san lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un àti lórí ẹ̀rọ tó rà kúrò nínú èyí tó máa san fún ìjọba. Tẹ́lẹ̀, orí ọjà àti èròjà iṣẹ́ nìkan ni. Gbogbo náírà tí ẹ bá yọ gbọ́dọ̀ ní ínfọ́ìsì lẹ́yìn, àwòrán ínfọ́ìsì náà ló sì máa jẹ́rìí, kì í ṣe Excel.

Nínú 4,000, wọ́n mú 59 péré. Níbo ni wọ́n ti rí 59?

Inú ìṣirò ni. Ọ́dítọ̀ á kọ́kọ́ pinnu ibi tí ara òun máa gbà á dé. Ká ní ó sọ pé bí àkọsílẹ̀ tó ní àṣìṣe bá tó 5 nínú 100, òun ò ní gbára lé ìwé náà. Ká wá ní àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bó bá mú ẹyọ kan láìṣà, àǹfààní pé èyí tó dára ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ 0.95. Kí méjì tó bá mú dára, 0.95 lọ́nà 0.95 ni, ìyẹn bíi 0.90. Bó ṣe ń mú sí i ni àǹfààní pé kò ní bá àṣìṣe kankan pàdé ń dín kù. Nígbà tó bá máa fi mú ti 59, kò tó 0.05 mọ́.

Nítorí náà, bí gbogbo 59 bá mọ́, ó lè fi ìdánilójú 95 nínú 100 sọ pé àṣìṣe inú ìwé yín kò tó 5 nínú 100. Kò sọ pé kò sí àṣìṣe rárá o. Bó bá rí ẹyọ kan, 59 kò tó mọ́, ó máa di 93. Bí ínfọ́ìsì yín bá sì jẹ́ 40,000, 59 yẹn náà ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá làwọn máa ń mú: ó ti pọ̀ jù fún iléeṣẹ́ ńlá, kò sì tó fún kékeré.

Ta ló ń yan 59 náà? Ṣé a lè bá wọn yan?

Rárá, kèké ni. Kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ ẹ, ọ́dítọ̀ á sì kọ nọ́ńbà tí kèké ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣẹ́ kó sì bá àwọn 59 kan náà:

```
import random
random.seed(20260115)
print(sorted(random.sample(range(1, 3979), 59)))
```

Àkọsílẹ̀ 3,978 ló wà nínú kèké yìí dípò 4,000, torí mo gbà pé 22 nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Àwọn yẹn kì í wọ inú kèké. Gbogbo wọn ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

Kí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa iye kọ̀ọ̀kan?

Ìlà kan fún iye kan, débi pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á kó sì fi ìka kan iye náà lórí àwòrán. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ máa wà níbẹ̀, orúkọ fáìlì àwòrán, ojú ìwé, àti ibi tí iye náà wà lójú ìwé. Lẹ́yìn náà, ohun tí ojú rí lórí àwòrán, pẹ̀lú kọ́mà àti àmì ìdánudúró rẹ̀ bí olùtajà ṣe kọ ọ́. Ohun tí àkọsílẹ̀ sọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún máa ń fi nọ́ńbà gígùn tí `sha256sum` fún fáìlì náà sí i, torí bí ẹnikẹ́ni bá yí àwòrán padà lẹ́yìn náà, nọ́ńbà yẹn kò ní bá a mu mọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ka àwòrán, kó kọ ohun tó rí, kó tó ṣí àkọsílẹ̀ wò. Bí ó bá ti rí 136,000 lórí Excel tẹ́lẹ̀, 136,000 náà ni ojú rẹ̀ máa wá lórí ìwé.

Iye ọjà pẹ̀lú fáàtì bá àpapọ̀ mu lórí Excel wa. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó, ibí yìí gan-an ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Ẹ jẹ́ ká mú ínfọ́ìsì kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Iye iṣẹ́ jẹ́ ₦186,000, fáàtì ìdá 7.5 nínú 100 jẹ́ ₦13,950, àpapọ̀ jẹ́ ₦199,950. Olùtajà kò pa ojú 8 rẹ̀ dé dáadáa, kọ̀ǹpútà sì kà á sí 3.

Bí kọ̀ǹpútà bá ka iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látorí ìwé, àṣírí á tú: 136,000 àti 13,950 kò lè di 199,950. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń ka iye kan ṣoṣo, wọ́n á sì ṣírò ìyókù fúnra wọn. Fáàtì á wá di ₦10,200, àpapọ̀ á di ₦146,200. Gbogbo rẹ̀ bára mu, gbogbo rẹ̀ ò sì tọ̀nà. Ẹ ti pàdánù ₦3,750 nínú fáàtì tó yẹ kí ẹ yọ. Ẹ tún jẹ olùtajà ní ₦53,750 tí kò sí lórí ìwé yín.

Torí náà, kí ìlà ẹ̀rí sọ bóyá wọ́n ka iye kan ni tàbí wọ́n ṣírò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣírò náà gbọ́dọ̀ padà sórí àwòrán.

Bí ínfọ́ìsì kan bá wà nínú àpótí tí kò sí lórí Excel ńkọ́?

59 yẹn kò lè rí i láé, torí inú Excel ni wọ́n ti mú wọn. Ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ tún ṣẹ́ kèké láàárín àwọn àwòrán, kó wá gba ibẹ̀ lọ sórí Excel. Kó tó ṣe ìkankan nínú méjèèjì, kó ka iye àwòrán àti iye àkọsílẹ̀. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ínfọ́ìsì olójú-ewé méjì tó di àkọsílẹ̀ méjì, tàbí ìwé kan tí wọ́n ya lẹ́ẹ̀mejì.

A ò rí àwòrán ọ̀kan nínú 59. Ṣé wọ́n lè mú òmíràn rọ́pò rẹ̀?

Rárá. Àṣìṣe ni wọ́n máa kà á sí.

Tí wọ́n bá rí àṣìṣe, ṣé kí n bẹ̀rù?

Ẹ má sáré tún un ṣe kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ wá ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé olùtajà yẹn ni, ẹ fa gbogbo ínfọ́ìsì rẹ̀ yọ, ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àṣìṣe àkọ́kọ́ àti àtúnṣe rẹ̀ hàn nínú ìwé. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ínfọ́ìsì ayédèrú, torí iye orí rẹ̀ máa bá àkọsílẹ̀ mu láìkù síbì kan. Àwòrán kò lè tú ìyẹn fó. Ẹ̀rí pé ọjà dé àti owó tó jáde ní báńkì ló lè tú u.

Ṣé mo lè wá ju bébà nù lẹ́yìn tí mo ti yà á?

Ẹ má tíì jù ú nù. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí iléeṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6, bí àwòrán kan bá sì ṣókùnkùn, bébà ni wọ́n máa béèrè. Rísíìtì tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ tètè yà, torí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lè ṣá kí ọdún tó yí po. Ẹ yà á ní 300 dpi lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe orúkọ fáìlì.